Lẹ́tà Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Olùkọ́ ní Àárín Ọdún Ẹ̀kọ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni wọ́n ní kí n wá sọ, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ni n óò gbà wọ inú rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún sábà máa ń ronú fún alẹ́ méjì-mẹ́ta lórí bí yóò ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dun ọ̀gá ilé-ìwé. Ọjọ́ tí yóò kọ sínú rẹ̀ pé òun yóò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kì í rò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ dídùn tó wà nínú rẹ̀, wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò fi sínú fáìlì. Ọjọ́ tí ẹ kọ ni yóò sọ ẹni tí yóò ṣètò ìbéèrè ìdánwò, ẹni tí yóò máàkì rẹ̀, àti ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ èsì àwọn ọmọ.

Nínú sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè ìdánwò sílẹ̀ ni èkíní. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi máàkì sílẹ̀ ni èkejì. Ẹni tó bá lọ kí èkíní tó dé kò kó ìdààmú púpọ̀ bá ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ni yóò ṣètò ìbéèrè tirẹ̀, tí yóò sì máàkì ohun tó mọ̀. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn èkejì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àárín ọjọ́ méjèèjì ni ewu wà. Bí ẹ bá lọ níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò jókòó fún ìbéèrè tí ẹ̀yin kọ, ẹlòmíì tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín ni yóò sì máàkì rẹ̀. Bí ìlà kan nínú ìbéèrè kò bá yé ọmọ, tó sì nawọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà la lè yan ọjọ́ bó ṣe wù wá, mo mọ̀. Àdéhùn iṣẹ́ ló máa ń sọ iye ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi ṣe nótíìsì, kò sì dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíì. Ní England, fún àpẹẹrẹ, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba kì í sábà lọ ní ọjọ́ tó bá wù wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni àdéhùn wọn là sílẹ̀ láàárín ọdún: 31 Oṣù Kejìlá, 30 Oṣù Kẹrin àti 31 Oṣù Kẹjọ. Ẹni tó fẹ́ lọ ní òpin Oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ ti fi lẹ́tà sílẹ̀ ó pẹ́ tán ní 31 Oṣù Kẹwàá. Bí ó bá jẹ́ òpin Oṣù Kẹrin, ó gbọ́dọ̀ ti fi sílẹ̀ kí Oṣù Kejì tó parí. Ohun tó wà nídìí ètò yẹn hàn kedere: kí kíláàsì má pàdánù olùkọ́ láàárín sáà. Àwọn tó pọ̀ nínú yín kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Oṣù kan tàbí oṣù méjì ni tiyín, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọ́jọ́. Èyí ni pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò ṣe ìṣirò tí ìwé àdéhùn kò bá yín ṣe.

Nígbà tí ẹ bá ń ka nótíìsì náà, ohun méjì ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ ilé-ìwé ni ẹ ó ti máa ka, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ sí orí rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ mú un padà. Èkejì ni ìsinmi. Ẹ wo àdéhùn yín bóyá ọ̀sẹ̀ ìsinmi wà lára nótíìsì tàbí kò sí lára rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn náà wà nínú ìwé. Mo ti rí i tí wọ́n dá owó oṣù ènìyàn dúró nítorí ọ̀rọ̀ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan wò. Mo fi í ṣe àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ irú rẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ́, kíláàsì mẹ́ta ló sì ní: méjì ní ìpele ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta ni kíláàsì àṣejáde. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni sáà náà. Ìbéèrè òpin sáà gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdánwò wà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, máàkì sì gbọ́dọ̀ wọlé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Kíláàsì àṣejáde ní ìdánwò mọ́ọ̀kì tiwọn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni nótíìsì rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ tuntun dé, wọ́n sì ní kó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹjọ.

Bí ó bá fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrin, nótíìsì rẹ̀ parí ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ keje. Ó bá àdéhùn mu, ó bá iṣẹ́ tuntun mu. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìbéèrè ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, máàkì kò sì wọlé títí di ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Àárín gbùngbùn ibi tí mo ní kí a má bọ́ sí ló bọ́ sí. Ó bẹ ibi iṣẹ́ tuntun kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, wọ́n sì ní kó wá ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ó fẹ́ dúpẹ́. Àmọ́ kí ni ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe fún un? Kò ṣe nǹkan kan. Ìdánwò yóò ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí yóò bá di ẹrù rẹ̀. Àyè tí kò bá gbé e kọjá ọjọ́ máàkì kò yàtọ̀ sí kó má gba àyè rárá, àfi pé ibi iṣẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí kì í tètè dé.

Ohun tó kù fún un ni kó yí ẹni tí yóò ṣètò ìbéèrè padà dípò ọjọ́. Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ keje bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà kan náà ló ti dá a lábàá pé kí olórí ẹ̀ka ìṣirò ṣètò ìbéèrè kíláàsì méjì ìsàlẹ̀, níwọ̀n bí olórí ẹ̀ka náà ni yóò máàkì rẹ̀. Olùkọ́ wa fúnra rẹ̀ yóò kọ àkójọ ohun tó ti kọ́ wọn sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú ìwé tí wọ́n dé nínú ìwé kíkà. Mọ́ọ̀kì kíláàsì àṣejáde ní tirẹ̀, òun ló kọ ọ́, òun ni yóò máàkì rẹ̀ tán pátápátá kó tó lọ. Bí ilé-ìwé bá kọ̀, tí wọ́n ní òun náà ni kó ṣètò ìbéèrè gbogbo, kò lè sá fún un, nítorí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà náà ìlànà ìmáàkì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìbéèrè náà, ìdáhùn nìkan kò sì tó nínú rẹ̀. Kó kọ ibi tí máàkì kọ̀ọ̀kan ti wá, kó kọ ọ̀nà mìíràn tí ọmọ lè gbà yanjú rẹ̀, kó sì sọ iye tí ọmọ yóò gbà bí ọ̀nà rẹ̀ bá tọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tọ́.

Lẹ́tà rẹ̀ nìyí. Níbi tó ti dárúkọ ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ẹ fi ọjọ́ àti oṣù gan-an sí i:

"Ọ̀gá Àgbà, mo kọ̀wé láti fi tó yín létí pé mo ń fiṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn iṣẹ́ mi, mo fún yín ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti òní, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọjọ́ tí n óò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ keje. Kí n tó lọ, n óò máàkì mọ́ọ̀kì kíláàsì àṣejáde tán, n óò sì fa àkọsílẹ̀ máàkì kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé olórí ẹ̀ka lọ́wọ́. Mo dá a lábàá pé kí olórí ẹ̀ka ṣètò ìbéèrè òpin sáà fún kíláàsì méjì ìsàlẹ̀, nítorí n kò ní sí níbí láti máàkì rẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí a jókòó lọ́sẹ̀ yìí lórí èyí, àti lórí ọjọ́ tí a óò sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn òbí. Ẹ ṣeun fún àyè tí ẹ fún mi láti ṣiṣẹ́ níbí."

Ó tán. Kò sọ ìdí tó fi ń lọ, kò sì pọn dandan kó sọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí: "Ṣé kí n kọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi?" Bí wọ́n bá jẹ yín lówó oṣù, tàbí tí wọ́n fi ìyà jẹ yín, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ̀tọ̀ kí ẹ sì béèrè fún ìdáhùn. Bí ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ọ̀gá yóò dá ọ̀rọ̀ ìfiṣẹ́sílẹ̀ lóhùn, yóò sì fo ẹ̀sùn yín dá bí ẹni tí kò rí i. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo ti ka lẹ́tà tí olùkọ́ kan ti kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sílẹ̀. Fáìlì ilé-ìwé ni lẹ́tà yẹn wà báyìí, ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà kò sì ní ibi tó ti lè fèsì.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò àti àwọn ọmọ kò gba inú lẹ́tà, àfi gbólóhùn méjì-mẹ́ta tí ẹ gbọ́ yẹn. Ìwé kejì ló wà fún, èyí tí ẹ óò fi fa iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìwé yìí ni mo fẹ́ kí a fẹsẹ̀ dúró sí.

Ẹ ṣí ìwé máàkì yín. Ẹ óò rí àwọn àpótí kan tí kò sí nǹkan nínú wọn. Ẹ̀yin mọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ara ẹni yìí kò yá lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sìtì, ẹni yẹn kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹni tọ̀hún ṣe é ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì yín láìmáàkì. Olùkọ́ tuntun kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èsì bá yá, tí kánjúkánjú dé, òdo ni yóò fi sí gbogbo wọn. Ọmọ tó ṣàìsàn gba òdo bí ọmọ tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ má fi àpótí kankan sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹ kọ òdo fún ẹni tó ṣe é tí kò gba nǹkan kan. Fún àwọn yòókù, ẹ lo àmì, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ àmì náà sí òkè ojú ìwé: ọ̀kan fún ẹni tí kò wá, ọ̀kan fún ẹni tó gba àyè tí yóò tún un ṣe, ọ̀kan fún èyí tí a kò tíì máàkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ kọ iye tí a máàkì iṣẹ́ náà lé. Èyí dà bí ohun kékeré. Ọmọ kan gba 12. Bí 15 bá ni gbogbo máàkì, ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Bí ẹni tó rọ́pò yín bá rò pé 20 ni, nítorí 20 ni gbogbo ìlà yòókù, ọgọ́ta ló máa kọ fún un. Ọmọ náà kò ní mọ ibi tí ogún rẹ̀ wọlẹ̀ sí, ẹ̀yin náà kò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ fún un.

Bí ẹ kò bá lè máàkì tán, ẹ má pín in sí ọmọ-ọmọ. Ẹ ní ogójì ìwé nílẹ̀, ẹ máàkì ogún, ẹ fi ogún sílẹ̀: ìdajì kíláàsì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lawọ́, ìdajì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó háwọ́. Ìbéèrè-ìbéèrè ni kí ẹ fi pín in. Ẹ máàkì ìbéèrè kìíní sí ìkẹta fún gbogbo ogójì, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá tilẹ̀ dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni gbogbo kíláàsì bọ́ sí lórí ìbéèrè kan náà. Ẹ kọ ibi tí ẹ dé sí ara àpò ìwé náà, ẹ má gbé e lọ sílé pé ẹ óò parí rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ìwé ìdánwò tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lẹ́yìn ọjọ́ ìkẹyìn yín, ẹ ti di ẹni tí wọ́n ń wá.

Fún kíláàsì àṣejáde, àwọn ohun kan wà tí ìfọwọ́sí yín nìkan ló gbà. Níbi tí iṣẹ́ àṣe tàbí iṣẹ́ ìwádìí ọmọ bá ní máàkì nínú ìdánwò àṣejáde, wọ́n sábà máa ń ní kí olùkọ́ tó bojú tó o fọwọ́ sí i pé ọmọ náà ló ṣe é. Olùkọ́ tuntun kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí èyí tó ti parí. Fún èyí tí kò tíì parí, ẹ kọ ibi tó dé lọ́jọ́ tí ẹ lọ, kí ẹ̀yin àti olórí ẹ̀ka jọ fọwọ́ sí i. Bákan náà ni lẹ́tà ìjẹ́rìí tí àwọn ọmọ nílò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga: ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó lọ, nítorí lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ kò ní àṣẹ láti lo ìwé tó ní orúkọ ilé-ìwé lórí. Ọmọ tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí ó ní àfikún àkókò nínú ìdánwò náà wà níbẹ̀. Ìwé ìfọwọ́sí yẹn sábà máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ olùkọ́. Ẹ mú un lọ fún ẹni tó ń bójú tó ìdánwò, kí ẹ rí i pé ó gbà á.

Ó wá ku àwọn ọmọ fúnra wọn. Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, olórí ẹ̀ka lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ àti àwọn òbí gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Bí yàrá àwọn olùkọ́ bá ti gbọ́, ẹ má rò pé yóò pẹ́ kó tó dé kíláàsì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ ló dára jù lójú tèmi. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa ka ọjọ́ lé yín lórí, ẹnikẹ́ni kò ní ṣiṣẹ́. Bí ó bá kù bí ọjọ́ méjì, yóò dà bíi pé ẹ sá lọ. Ẹ má sọ ọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Nínú àpẹẹrẹ wa, mọ́ọ̀kì wà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nítorí náà Ajé ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ná, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣẹ́kù. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ dákẹ́. Àwọn ọmọ kékeré yóò bi yín bóyá àwọn ló ṣẹ̀ yín. Ẹ dáhùn pé rárá, kí ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn ti kíláàsì àṣejáde yóò bi yín nípa sílébọ́ọ̀sì. "A máa gbìyànjú" kò wúlò fún wọn. Ohun tó wúlò ni pé: "A ti ṣe àkòrí mẹ́sàn-án, ó ku mẹ́ta, olórí ẹ̀ka ni yóò kọ́ yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì wọlé wá bá wa lọ́jọ́bọ̀." Kí olùkọ́ tuntun wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn, kí òun náà sì kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ̀yin jókòó. Yóò rí ọmọ tí kì í nawọ́ tó sì mọ̀ ọ́n, àti ẹni tó ń da ìwé ẹnìkejì kọ. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nípa ọmọ fún un, ẹ kọ èyí tí ẹ lè kà sókè lójú òbí rẹ̀.

Ẹ fi ẹgbẹ́ Wáàsáàpù kíláàsì lé ilé-ìwé lọ́wọ́ kí ẹ tó jáde nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jáde láìfi ẹlòmíì ṣe alábòójútó, ẹ kò mọ ẹni tí yóò di alábòójútó lẹ́yìn yín. Ẹ pa ìbéèrè ìdánwò àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ́ kúrò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiyín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn tó lọ, kó má fọwọ́ kan ìbéèrè sáà yẹn rárá. Kódà bí kò bá sọ nǹkan kan fún wọn, bí wọ́n bá yege ju ẹgbẹ́ wọn lọ, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Wọn yóò ṣì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ní alẹ́ ìdánwò, ọmọ kan yóò ya àwòrán ìṣirò kan, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà wo ni ká lò?" Ẹ kò mọ ọ̀nà tí olùkọ́ tuntun fi kọ́ wọn, ẹ kò sì mọ̀ bóyá ìbéèrè yẹn wà nínú ìdánwò ọ̀la. Ẹ kí i, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé ló pè yín pé máàkì ọmọ kan ò sí, ẹ̀dà ìwé ìfàlélọ́wọ́ tí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí ni ẹ óò yọ jáde. Kì í ṣe máàkì ni ó yẹ kó wà nínú ẹ̀dà yín o. Àkójọ ohun tí ẹ fà lé wọn lọ́wọ́ ni, iye ìwé tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ kó o sí.